Egbò ẹnu nígbà kẹmótẹ́rápì: ohun tí ẹ ó máa ṣe láti ọjọ́ tí oògùn bá wọlé títí egbò yóò fi jinná

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fa oògùn jẹjẹrẹ sí aláìsàn lára, ẹnu kì í dùn ún. Lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ó ṣì lè máa jẹun bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí èébì àti àárẹ̀ ni wọ́n ń retí. Tó bá wá di nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá, tíì tó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n á pọ́n, kí wọ́n sì tó ké sí ẹnikẹ́ni, egbò ti là.

Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn tó ń gba kẹmótẹ́rápì ni mò ń tọ́jú. Ohun tí mo máa ń bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n fi sọ́kàn ni pé egbò ẹnu ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ náà á ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹnu nígbà tí kò tíì sí ìrora rárá. Ìtọ́jú yìí kò lè ṣèlérí pé egbò kò ní yọ. Ohun tó lè ṣe ni pé kí egbò kéré, kí ó má kó àrùn mìíràn wọlé, kí aláìsàn sì lè máa jẹ, kó máa mu títí yóò fi jinná.

Ìdí tó fi jẹ́ ẹnu

Ọ̀pọ̀ oògùn kẹmótẹ́rápì máa ń lépa sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín kíákíá. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣe ń pín kíákíá, bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì awọ inú ẹnu, nítorí ojoojúmọ́ ni oúnjẹ àti eyín ń ha awọ náà, tí ara sì ń fi tuntun rọ́pò èyí tó lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, awọ náà ti sọ ara rẹ̀ di tuntun. Oògùn kò bó awọ ẹnu lójú ẹsẹ̀. Ó dá tuntun tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ dúró ni. Èyí tó wà lókè á máa tán lọ, arọ́pò kò sí, awọ á máa fẹ́lẹ́ sí i títí ibì kan yóò fi là. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi ń pẹ́ kó tó dé.

Awọ kan náà yìí ló lọ láti ẹnu gba ọ̀fun dé inú ìfun. Nítorí náà, ẹni tí ẹnu ń dùn lè rí i pé ìgbé gbuuru bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, tàbí kí ó máa ṣòro fún un láti gbé itọ́ mì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí egbò kankan nínú dígí. Egbò ọ̀fun kì í sábà hàn síta. Gbígbé nǹkan mì ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n.

Oògùn yẹn kan náà ló ń dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kù, àwọn tó ń bá kòkòrò àrùn jà nínú ara. Iye wọn sábà máa ń wálẹ̀ jù láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn oògùn, ìyẹn ni pé ìgbà tí egbò là sílẹ̀ gan-an ni ara kò lágbára láti lé kòkòrò padà. Kòkòrò tó ń gbé ẹnu wa láìṣe wá ní ibi kankan tẹ́lẹ̀ lè gba ojú egbò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì funfun bá ti ń pọ̀ padà, ẹnu náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jinná, ó sì sábà máa ń jinná tán láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń ṣe báyìí. Fuloroyurasíìlì, kapesitabíìnì, mẹtotirẹsétì àti dosorubisíìnì wà lára àwọn tó sábà máa ń dá egbò sí ẹnu. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín kí wọ́n tó fa oògùn àkọ́kọ́ pé: ṣé oògùn tí mo fẹ́ gbà yìí máa ń ṣe ẹnu, ọjọ́ wo ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

Kí oògùn àkọ́kọ́ tó wọlé

Ẹ lọ rí dókítà eyín bí àyè bá wà. Eyín tó ti jẹrà, èyí tó ń mì, èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó tó ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo wọn ni yóò di wàhálà nígbà tí awọ bá fẹ́lẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé wọn yóò yọ eyín, ó dára kí ó tó bí ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú oògùn, kí ojú ibẹ̀ lè jinná. Bí kẹmótẹ́rápì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín tàbí ha eyín yín láìjẹ́ pé dókítà jẹjẹrẹ mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí wọ́n ní láti mọ iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yín lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá, kí ó ri i dájú pé kò fẹ̀ jù fún un. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ti rù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, eyín àtọwọ́dá tó ń bá wọn mu tẹ́lẹ̀ á wá máa yí lẹ́nu, á sì máa ha ẹran ìdí eyín.

Yìnyín lẹ́nu, fún àwọn kan nìkan

Bí ó bá jẹ́ fuloroyurasíìlì ni ẹ ń gbà, tí wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ tì í sínú iṣan kíákíá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹ lè fi yìnyín sẹ́nu. Ẹ ó fi yìnyín tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ sẹ́nu ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ẹ ó sì máa fi òmíràn kún un bó ṣe ń yọ́ títí yóò fi tó ìṣẹ́jú 30. Òtútù á mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹnu fún, ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oògùn dé ibẹ̀ á sì dínkù ní àkókò tí oògùn pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Fuloroyurasíìlì kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń jẹ́ kó kán díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méjì ni, kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi yìnyín sẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí oògùn rẹ̀ ní osalipilatíìnì nínú kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Oògùn yẹn máa ń mú kí òtútù dà bí iná lára iṣan, ọ̀fun lè fún pinpin bí omi tútù bá kàn án. Ẹ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó fi yìnyín kankan sẹ́nu.

Omi iyọ̀ àti sódà

Òun ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú ẹnu yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ohun tí ẹ nílò kò ju omi, iyọ̀ tí a ń jẹ, àti békín sódà lọ. Ẹ wo ara páálí dáadáa. Békín páódà kọ́, ìwúkàrà ni ìyẹn tí wọ́n ti pò mọ́ nǹkan mìíràn. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ kọ́ rárá, torí ìyẹn máa ń jó awọ ara, ó sì lè ba ẹnu àti ọ̀fun jẹ́ pátápátá. Èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé ó ṣeé jẹ nìkan ni.

Fún ife kan tó gba omi mílílítà 250, ẹ ó lo sódà ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì àti iyọ̀ ìdá mẹ́jọ ṣíbí tíì. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá pín ẹ̀kún ṣíbí kan sí ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni sódà. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, ọ̀kan ni iyọ̀. Bí ẹ kò bá ní ṣíbí ìwọ̀n, ẹ bu iyọ̀ kún ṣíbí tíì, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ dà á sórí àwo tó gbẹ, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ẹ tún ìdajì kan là sí méjì, ẹ tún ọ̀kan nínú ìyẹn là sí méjì. Ìdì kékeré tó kù níwájú yín yẹn ni ìdá mẹ́jọ. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu bó ṣe kéré tó. Ẹ má fi kún un. Omi iyọ̀ tó bá le jù á fa omi kúrò lára awọ, egbò á ta, aláìsàn á sì kọ̀ láti tún lò ó.

Ó rọrùn jù láti po ti ọjọ́ kan pọ̀ ní àárọ̀: omi lítà 1 tí a ti sè tó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́, sódà ṣíbí tíì 1 tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ gbé e sínú ìgò mímọ́ tó ní ìdérí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ da èyí tó bá kù nù.

Bí ẹ ó ṣe lò ó nìyí. Ẹ gbé omi náà sẹ́nu, kó má kún jù. Ẹ jẹ́ kó yí láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, láìfi agbára gbọ̀n ọ́n. Bí ọ̀fun bá ń dùn yín, ẹ gbé orí sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi náà hó ní ẹnu ọ̀nà ọ̀fun láìgbé e mì. Ẹ tu ú. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá fi omi lásán ṣan ẹnu. Iyọ̀ ń bá yín kó ìdọ̀tí àti itọ́ kíki kúrò, sódà sì ń pa kíkan inú ẹnu, èyí tó máa ń mú kí egbò ta.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí oògùn wọlé, ẹ máa ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Bí ẹnu bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ sọ ọ́ di wákàtí méjì-méjì nígbà tí ojú bá là. Bí egbò bá là, ẹ lè ṣe é ní wákàtí kan-kan. Bí ẹ bá jí lóru láti tọ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó padà sùn, torí ẹnu máa ń gbẹ lóru.

Búrọ́ọ̀ṣì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa búrọ́ọ̀ṣì tì lọ́jọ́ tí ẹnu bá kọ́kọ́ dùn wọ́n. Mo mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó bá kó jọ sí ìdí eyín ni kòkòrò ń gbé, ẹran ìdí eyín á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, ìrora á sì di méjì. Ẹ máa fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ó kéré tán.

Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ jù lọ ni kí ẹ rà, èyí tí orí rẹ̀ kéré. Kí ẹ tó lò ó, ẹ tẹ irun rẹ̀ bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á rọ̀ sí i. Ẹ fi ọwọ́ kékeré rọra fi í yí ìdí eyín ká, ẹ má ṣe fi í gún ẹran. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fuloráìdì dára, ṣùgbọ́n ẹ wá èyí tí kò ní òórùn mínítì líle. Bí ọṣẹ náà bá ta yín, ẹ fi omi iyọ̀ àti sódà yìí fọ eyín títí egbò yóò fi jinná. Ẹ fi omi fọ búrọ́ọ̀ṣì dáadáa lẹ́yìn lílò, kí ẹ sì gbé e dúró síbi tí atẹ́gùn ti lè gbẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí búrọ́ọ̀ṣì kò bá ṣeé gbà rárá, ẹ di aṣọ gọ́ọ̀sì mímọ́ mọ́ ìka, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi iyọ̀ àti sódà, kí ẹ sì fi í nu eyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti rọ̀ díẹ̀, ẹ padà sí búrọ́ọ̀ṣì.

Omi ìfọnu inú ìgò tó ní ọtí nínú, ẹ má lò ó. Hádírójìn pẹrọ́sáìdì, ẹ má fi í ṣan ẹnu, torí ó lè dá awọ tuntun dúró. Ẹni tó ń mu sìgá tàbí ọtí, ẹnu rẹ̀ yóò san owó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí ju ìgbàkígbà lọ.

Ẹ fi ìpara tí kò ní òórùn pa ètè fẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá igun ẹnu tó máa ń là. Eyín àtọwọ́dá, ẹ yọ ọ́ lóru. Bí egbò bá ti wà, ẹ fi í jẹun nìkan, kí ẹ sì yọ ọ́.

Ẹ máa wo inú ẹnu lójoojúmọ́

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí, ní àkókò kan náà lójúmọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ ẹnu. Ẹ yí ètè ìsàlẹ̀ padà síta. Ẹ fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lára eyín, ọ̀tún àti òsì. Ẹ yọ ahọ́n síta, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ wá gbé e sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ pe “áà” kí ẹ lè rí ẹ̀yìn àjà ẹnu. Àwọn ibi wọ̀nyí ni kí ẹ tẹjú mọ́, torí ibi tí awọ ti rọ̀ tó sì ń yíra ni egbò kẹmótẹ́rápì sábà máa ń yọ sí: inú ètè, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ ahọ́n, ẹ̀yìn àjà ẹnu.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ibi tí egbò wà ni pé ó máa ń sọ nǹkan. Bí ẹ bá rí egbò wẹ́wẹ́ tó ṣùjọ pọ̀ sórí ẹran ìdí eyín tàbí níwájú àjà ẹnu níbi tí ó le, ó lè jẹ́ àrùn kan tí wọ́n ń pè ní hápíìsì ló jí dìde, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tó dà bí wàrà tó dì, tó sì ń nù kúrò tó fi ojú pupa sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olú ẹnu, èyí tí dókítà lè fún yín ní nísítatíìnì tàbí oògùn mìíràn fún. Iyọ̀ àti sódà kò lè wo méjèèjì. Ẹ má dúró dè wọ́n kí wọ́n lọ fúnra wọn.

Ẹ ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi náà. Lójoojúmọ́, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: ibi tó pọ́n tàbí tó là, bí ìrora ṣe tó láti 0 dé 10, ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ mu, àti ìgbóná ara tí tẹmomítà fi hàn. Àwọn dókítà ń fi ohun tí ènìyàn lè jẹ díwọ̀n egbò: ìpele 1 ni kí ẹnu pọ́n kó sì máa dùn láìsí egbò, ìpele 2, egbò wà ṣùgbọ́n oúnjẹ líle ṣì ń lọ, ìpele 3, nǹkan olómi nìkan ló ń lọ, ìpele 4, kò sí ohun tó gba ẹnu kọjá. Ìpele 3 kì í ṣe ohun tí a ń fara dà nílé láìsọ fún ilé ìwòsàn.

Àpẹẹrẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá ẹni ọdún 54 kan tó ní jẹjẹrẹ ọmú, tó ń gba dosorubisíìnì pẹ̀lú oògùn mìíràn ní ọjọ́ 21-21. Ọmọ wọn obìnrin ló ń bá wọn gbé.

Ọjọ́ 1, oògùn wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ ti po omi lítà 1, ó sì ti wo ẹnu ìyá rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kó lè mọ bó ṣe rí nígbà tí kò sí nǹkan kan. Títí di ọjọ́ 5, kò sí ìyípadà. Ìyá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹnu kò kúkú dùn àwọn. Ọmọ fèsì pé, “Màámi, ọjọ́ tí kò dùn yín yìí gan-an ni wọ́n ní ká má jẹ́ kó já.” Wọ́n ń bá a lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́.

Ọjọ́ 6, inú ètè ìsàlẹ̀ pọ́n, tíì ń ta wọ́n. Wọ́n sọ omi náà di wákàtí méjì-méjì, wọ́n sì jẹ́ kí tíì tutù kí wọ́n tó mu ún. Ọjọ́ 8, egbò kan tó fẹ̀ tó ẹyọ ẹ̀wà yọ sí inú ètè, òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n lápá òsì. Ìrora 5. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ilé ìwòsàn sì fún wọn ní omi oògùn lidokéènì tí ń pa ìrora ojú egbò. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kó kàn wà lẹ́nu, kí wọ́n tu ú, kí wọ́n má sì jẹun nígbà tí ọ̀fun bá kú tipiri, torí oúnjẹ lè gba ọ̀nà atẹ́gùn lọ tàbí kí ènìyàn gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ láìmọ̀.

Oúnjẹ wá di ohun tó rọ̀, tó ní omi, tí kò gbóná tí kò sì tutù jù: ẹyin tí a pò rọ̀, ìrẹsì tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ọbẹ̀ tí a lọ̀ kúnná, wàrà. Ata kúrò, ọsàn àti tòmátì kúrò torí kíkan wọn, ohunkóhun tó bá ní ẹ̀gbẹ́ líle bí búrẹ́dì yíyan kúrò. Wọ́n ń fi ọ̀pá ìfamu mu omi kí ó lè fo ibi tí egbò wà kọjá. Ìyá kò lè jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ọmọ sọ oúnjẹ mẹ́ta di mẹ́fà kéékèèké, ó sì ń gbé e wá nígbà tí ìrora bá rọlẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ 11, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ìyá ní òtútù ń mú àwọn. Ọmọ fẹ́ fún wọn ní parasitamọ́ọ̀lù kí wọ́n lè sùn, ó ti ja á kúrò nínú páálí. Ó kọ́kọ́ mú tẹmomítà: 38.1°C. Ó dá oògùn náà padà, ó pe nọ́ńbà tí ilé ìwòsàn fún wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa bọ̀ lóru náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà nìyí. Parasitamọ́ọ̀lù á mú ìgbóná náà wálẹ̀, gbogbo ènìyàn á rò pé ó ti lọ, kòkòrò á sì máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ wọn ìgbóná ara kí ẹ tó lo oògùn ìrora kankan ní ọ̀sẹ̀ kejì yìí. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, sẹ́ẹ̀lì funfun ti wálẹ̀ gan-an, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò láti inú iṣan lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ 15, ìgbóná ti lọ, ojú egbò ti ń fún. Ọjọ́ 19, ibi tí egbò wà kò ju àpá pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ìyá ti ń jẹ oúnjẹ tí àwọn yòókù nínú ilé ń jẹ.

Ìrora

Bí omi iyọ̀ àti sódà kò bá tó, ẹ sọ fún wọn. Oògùn tó lágbára wà, títí kan mọfíìnì fún ẹni tí kò lè gbé omi mì mọ́, kò sì sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń pa ìrora mọ́ra kò ní mu omi, omi ara rẹ̀ á gbẹ, wọ́n á sì gbà á sí wọ́ọ̀dù ní ìgbẹ̀yìn. Ibuprofẹ́ẹ̀nì àti asipiríìnì, ẹ má lò wọ́n láìbéèrè, nítorí wọ́n ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti dì, kẹmótẹ́rápì sì ti lè dín èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù.

Ìgbà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró di àárọ̀

Bí ìgbóná ara bá dé 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òtútù bá ń gbọ̀n yín láìsí ìgbóná, ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ kò bá lè gbé omi tàbí itọ́ mì, bí mímí bá ṣòro, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lẹ́nu tí kò sì dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù tẹ̀ ẹ́, tàbí bí ìtọ̀ bá dínkù tí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú.

Ọ̀kan kù tí ó jẹ́ ti àwọn tó ń gba fuloroyurasíìlì tàbí kapesitabíìnì. Àwọn kan wà tí ara wọn kò lè tú oògùn yìí ká nítorí bí a ṣe bí wọn, wọn kò sì mọ̀ títí wọn yóò fi gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí egbò ẹnu tó le gan-an bá yọ láàárín ọjọ́ 1 sí 4, tí ìgbé gbuuru sì tẹ̀lé e, ó ti yá jù. Ẹni tó ń lo kapesitabíìnì nílé, kí ó dá a dúró, kí ó má lo èyí tó kàn, kí ó sì pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn kan wà tó ń tako májèlé yìí, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 96 lẹ́yìn oògùn tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí oògùn tó kàn tó wọlé

Ẹ mú ìwé kékeré yẹn lọ bá dókítà, kí ẹ má kàn sọ pé ẹnu dùn yín. Bí wọ́n bá rí i pé ọjọ́ 8 ni egbò là, pé ó dé ìpele 2, pé ìgbóná dé 38.1°C lọ́jọ́ 11, wọ́n lè pinnu bóyá kí wọ́n sún oògùn síwájú, kí wọ́n dín in kù, tàbí kí wọ́n fún yín ní oògùn tí yóò ran sẹ́ẹ̀lì funfun lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹnu yín kí wọ́n tó fa òmíràn: bí egbò kan bá ṣì wà ní ojú rẹ̀, kí wọ́n rí i fúnra wọn. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tuntun tó rọ̀, ẹ da omi tó kù nínú ìgò nù, kí ẹ sì po òmíràn ní alẹ́ ọjọ́ tí oògùn náà bá wọlé.